Kí la ó fi hàn nínú fídíò kéékèèké ilé fúláàtì tuntun?

Aṣojúlé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́wọ́ wa, ìsàlẹ̀ àti àjà méjì lókè, fúláàtì mẹ́rin mẹ́rin, 12 lápapọ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni gbogbo wọn. Onílé ní kí n máa gbé fídíò kéékèèké jáde kí àwọn ayálégbé lè wá. Tirẹ̀ ni pé kí n pe ẹni tó ní dúróònù, kí géètì àti iwájú ilé hàn dáadáa, kí orin máa dún lábẹ́ rẹ̀. Fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ máa ń yà, kí lẹ sì máa ń fò?

* * *

Onípolówó

Èèyàn ò ní sùúrù mọ́. Kó o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹni tó ń wò ó ti fi ìka gbọ́n ọn kúrò lójú fóònù. Ohun tó rẹwà jù ni kó o kọ́kọ́ jù sí wọn lójú: ilé ìdáná, iná òrùlé tó ń tàn yanran, dúróònù tó ń yí ilé po. Fi 0.5x ya gbogbo yàrá kó lè fẹ̀. Ohun tí kò bá rẹwà, má wulẹ̀ gbé kámẹ́rà débẹ̀, wọn á rí i bí wọ́n bá dé. Kí fóònù rẹ ṣáà máa dún, iṣẹ́ fídíò nìyẹn. Ó tán.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Onípolówó, ti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn, mo gbà fún ọ. Ìyókù ni mi ò gbà. Ẹni tó pè, tó wá, tó yẹjú sí yàrá tó sì yí padà, ó ti jẹ ọjọ́ rẹ, ó ti jẹ owó epo ọkọ̀ tirẹ̀, inú ẹnikẹ́ni ò dùn.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, apá méjì làwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan ní ká fi ẹwà fa èèyàn wọlé. Àwọn kan ní ká fi gbogbo ilé hàn nínú fídíò kan, láti géètì dé orí òrùlé. Èmi ò sí lápá méjèèjì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí fídíò kan dáhùn ìbéèrè kan, kí ìbéèrè náà sì jẹ́ èyí tó máa gbé ẹni náà dìde wá tàbí tó máa dá a dúró sílé rẹ̀.

Aṣojúlé, kó o tó gbé fóònù sókè rárá, tẹ̀ lé àwọn tó bá kọ́kọ́ wá wo ilé yẹn. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ wọn ni kó o máa wò. Wọ́n á ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á ti apá bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́ kí wọ́n lè mọ bó ṣe jìn tó. Wọ́n á dúró láàrin yàrá, wọ́n á máa fi ojú wọn ibùsùn. Wọ́n á lọ sójú fèrèsé, wọ́n á ti aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá ti pẹ́ ni kó o yà. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá wọn rìn, mi ò tíì rí ẹni tó dúró wo géètì.

* * *

Ayálégbé

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nítorí ó ṣì ń dùn mí. Mo rí fídíò yàrá kan, ó fẹ̀ bíi pápá. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Nígbà tí mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo bi ẹni tó mú mi lọ pé, "Ṣé èyí náà ni?" Ó ní òun náà ni. Bí mo bá gbé ibùsùn mi síbẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní ṣí tán. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ń sọ fún mi pé mo lè yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé tuntun o!

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí Onípolówó ní ká máa fi ya yàrá ló ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ńsì 0.5x máa ń ti ògiri iwájú jìnnà, á sì na ohun tó wà létí àwòrán. Ẹ wo táìsì ilẹ̀ nínú fídíò bẹ́ẹ̀: àwọn tó wà láàrin á dọ́gba, àwọn tó wà létí á gùn gbọọrọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé táìsì kan náà ni. Bí ẹ bá rí férémù ilẹ̀kùn tó tẹ̀ tàbí tó fẹ̀ jù létí àwòrán, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fi yà á. 1x ni kẹ́ ẹ fi ya pálọ̀ àti yàrá. Kò ní gba gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nígbà tí fóònù bá dúró lóòró, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró sí igun, tí ẹ yí díẹ̀díẹ̀ lọ sí apá kan ṣoṣo, ojú èèyàn á so ó pọ̀. Ẹ má yí lọ kẹ́ ẹ tún yí padà, ibẹ̀ ni orí máa ń dàrú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Balùwẹ̀ nìkan ni mo máa ń lo 0.5x sí, torí kò sí àyè láti fà sẹ́yìn níbẹ̀, mo sì máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sójú fídíò.

* * *

Onípolówó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Àmọ́ gbogbo ilé tó kù lórí ìkànnì ni wọ́n ń fi 0.5x yà. Bí Aṣojúlé bá fi 1x ya tirẹ̀, yàrá tó bá tiwọn dọ́gba á kéré sí tiwọn lójú aláìmọ̀kan. Ta ló máa ṣàlàyé fún ẹni tó ń fi ìka gbọ́n fóònù?

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Òótọ́ ni, ìyẹn ò sì ní oògùn kan tó tó. Èyí tí mo mọ̀ ni ká fi ohun tí gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú yàrá. Yàrá tó ṣófo kì í sọ bó ṣe tó. Gbé ibùsùn kan wọlé, kódà kó jẹ́ èyí tó o yá. Bí kò bá sí ibùsùn, fi téèpù aláwọ̀ tí àwọn akunlé ń lò lẹ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Jẹ́ ká fi yàrá kan ṣe é. Ká ní ó fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 3.6. Ibùsùn mítà 1.5 ní ìbú, mítà 2 ní gígùn. Gbé orí ibùsùn sí àárín ògiri tó fẹ̀ ní mítà 3. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 75 ní ọ̀tún, 75 ní òsì: èèyàn méjì lè sọ̀kalẹ̀ láìgun ara wọn. Ní ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ku mítà 1.6. Kọ́bọ́ọ̀dù tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 jẹ nínú rẹ̀, ó ku mítà 1 géérégé. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń fẹ̀ ní 45 sí 60, nítorí náà á ṣí tán. Ohun tí wàá yà nìyí: téèpù lórí ilẹ̀, ìwọ fúnra rẹ tó ń rìn yí i ká, ọwọ́ rẹ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù títí dé òpin. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ti tó. Ká ní wọ́n yà á bẹ́ẹ̀ fún Ayálégbé, ì bá má kúrò níbi iṣẹ́.

* * *

Ayálégbé

Mi ò bá má kúrò lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ni mo ń wá, kì í ṣe iná òrùlé.

* * *

Bàbá Bíríkì

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, irin àti sìmẹ́ńtì ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé, kó wo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ṣé wọ́n yàwòrán irin òpó kí wọ́n tó da kọnkéré? Irin mélòó ló wà nínú bíìmù? Ẹ̀ ń ṣe fídíò táìsì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ bá ń fi irin lélẹ̀, ẹ pe ẹni tó máa yà á.

* * *

Aṣojúlé

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìmọ̀ràn. Ilé ti parí sà, ọ̀dà ti gbẹ. Kò sí irin tó ṣì hàn níta.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ Bàbá kò ṣe é sọ nù pátápátá. Bi onílé bóyá ó ní fọ́tò tàbí fídíò ìgbà tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀ balùwẹ̀, kí wọ́n tó lẹ táìsì: bí wọ́n ṣe fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò kun ilẹ̀, àti ibi tí páìpù gbà. Ẹni tó fẹ́ ra fúláàtì á dúró wò ó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ háyà, bóyá kò ní wò ó dé ìlàjì. Ti ayálégbé ni tìrẹ, fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ká padà sórí ohun tí wàá yà. Fídíò àkọ́kọ́ mi ni ìrìn láti ẹnu ọ̀nà fúláàtì dé yàrá tó gbẹ̀yìn, láìgé e. Bí wọ́n bá gé fídíò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á fi pálọ̀ hàn, á fi yàrá hàn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ṣé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí sí ojú àwọn tó jókòó ní pálọ̀? Ṣé yàrá kejì ní balùwẹ̀ tirẹ̀ àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa gbà? Ṣé láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti máa rí ìkòkò lórí iná? Ohun tó ń fa ìjà láàrin tọkọtaya tó ń wá ilé nìwọ̀nyí.

Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé kó o tó bẹ̀rẹ̀, tan gbogbo iná. Gbé fóònù dé àyà, bíi mítà 1.3 sí ilẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kó má tẹ orí ba tàbí gbójú sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á máa wọ́. Lẹ ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà, rìn jẹ́jẹ́, kí gìgísẹ̀ máa ṣáájú ọmọ ìka. Dúró díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan kó o tó wọlé. Fúláàtì yàrá méjì kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 35 sí 45 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ Onípolówó ti bá a mu rèé: má bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Àwòrán àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pálọ̀ bó ṣe ń yọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí, kí ọ̀rọ̀ bíi "Yàrá 2, àjà kejì, ẹ̀yìn ilé" sì wà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárín ni kó o kọ ọ́ sí, torí àmì ìkànnì máa ń bo ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún.

* * *

Aṣojúlé

"Ẹ̀yìn ilé" tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Lórí àjà kọ̀ọ̀kan, fúláàtì méjì kọjú sí òpópónà, méjì kọjú sí ẹ̀yìn. Fèrèsé àwọn tẹ̀yìn ń wo ògiri ilé kejì, kò jìnnà ju bíi mítà 2 lọ. Onílé ní kí n ya tiwájú nìkan, torí pílánù kan náà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tiwájú ń fọ́ kámẹ́rà lójú, gbogbo ìta á di funfun.

* * *

Onípolówó

Onílé mọ ohun tó ń ṣe. Pílánù kan náà, ẹ ya tiwájú.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Rárá o. Mo mọ ilé kan tó rí bí èyí gẹ́lẹ́, fúláàtì tẹ̀yìn ní ògiri lójú fèrèsé. Ẹni tó ń bójú tó o ya tiwájú nìkan, ó ya á dáadáa. Tiwájú tètè lọ. Fídíò náà ṣì wà níta, èèyàn ṣì ń pè torí ẹ̀, tẹ̀yìn nìkan ló sì kù láti fi hàn wọ́n. Wọ́n á wọ pálọ̀, inú wọn á dùn, wọ́n á dé ojú fèrèsé, wọ́n á dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ owó wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Owó ibẹ̀ kò ga ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni kò bá ohun tí wọ́n wá wò mu.

Ó yọ fídíò náà kúrò, ó ya tẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ó jókòó sórí àga níbi tí àga máa wà ní pálọ̀, ó ya fèrèsé láti ibẹ̀, ó wá dìde, ó rìn lọ bá a kí ògiri hàn kedere. Ó kọ ọ́ sójú fídíò: "Ẹ̀yìn ilé. Ògiri ló wà níwájú fèrèsé. Ariwo ọ̀nà kò dé ibí." Ó tún dákẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò kí wọ́n lè gbọ́ pé kò sí ariwo lóòótọ́. Ìpè dín kù. Àwọn tó wá ti mọ̀ nípa ògiri, ohun mìíràn ni wọ́n ń béèrè: omi, mítà iná, ibi tí wọ́n á gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń fi ọ̀sán sùn, irú fúláàtì yẹn ló ń wá, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ pé ó wà tí wọ́n bá fi pamọ́.

Ti ìmọ́lẹ̀: wo ìgbà tí oòrùn kì í wọ fèrèsé yẹn tààrà. Bó bá kọjú sí ìlà oòrùn, ọ̀sán ni kó o yà á, bó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àárọ̀ ni. Tẹ ìka mọ́ ojú fóònù níbi fèrèsé, kó o dì í mú títí AE/AF LOCK tàbí àmì àgádágodo á fi jáde, kó o wá fà á sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ títí inú ilé àti ìta á fi hàn níwọ̀nba. Bí o bá rí ìlà dúdú tó ń gun òkè nínú fídíò, iná gílóòbù ló fà á: bí iná ìlú bá ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣe ìyára kámẹ́rà ní 1/50 tàbí 1/100, bó bá jẹ́ 60, 1/60 tàbí 1/120.

* * *

Ayálégbé

Ti omi ńkọ́? Gbogbo fídíò ilé tí mo ti rí, ẹ̀rọ omi ń dán, omi ò jáde.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Fídíò ọ̀tọ̀ nìyẹn, kékeré. Lọ sí àjà tó ga jù, torí ibẹ̀ lagbára omi ti máa ń kéré jù nígbà tí tánkì bá wà lórí òrùlé. Gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ṣáwà, ṣí i, kó o sì ní kí ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ní àkókò kan náà. Má gé e títí á fi kún. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ìwẹ̀ á ṣeé wẹ̀. Bí omi bá fà tínrín nígbà tí wọ́n ṣí èkejì, sọ fún onílé kó tún un ṣe, má ya ohunkóhun ná.

Ibẹ̀ sì ni mo ti kọ orin. Fi orin sí fídíò ìrìn tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí orin nínú ti omi, kò sí orin nínú ti fèrèsé. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ló ń dún níbẹ̀.

* * *

Onípolówó

Èmi ò lè gbé fídíò tí kò ní orin jáde, á kú sójú ìkànnì. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí orin lọ sílẹ̀ lábẹ́ ohùn omi, ká pàdé láàárín.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Ó dáa, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gan-an. Mi ò bá ẹ jà lórí ìyẹn.

Ohun kan tó kù: má ya kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lójú súnmọ́. Mo rí èyí tí ẹnì kan gbé kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà sórí àtẹ́lẹwọ́ pé "ilé ti dé o". Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ láti inú àwòrán eyín rẹ̀. Bí àwọn kan bá sì ti kó wọlé, má jẹ́ kí aṣọ wọn lórí okùn tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn wọ inú fídíò rẹ.

* * *

Aṣojúlé

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìdajì ni wọ́n tíì tẹ́ bíríkì sí, ìdajì tó kù iyanrìn ni. Èkejì, onílé kò gbàgbé dúróònù rẹ̀ o.

* * *

Ayálégbé

Ya iyanrìn náà, kó o kọ ọjọ́ tó o yà á sí i. Èmi máa gbà á bẹ́ẹ̀ ju kí n wá bá a níbẹ̀ lọ.

* * *

Onípolówó

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Fídíò kì í tán lórí ìkànnì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí bíríkì ti pé, iyanrìn yẹn á ṣì máa rìn káàkiri. Dúró kí wọ́n tẹ́ ẹ tán.

* * *

Olójú Kámẹ́rà

Lórí èyí, mo fara mọ́ Onípolówó. Inú ilé ló ti parí, inú ilé ni kó o yà báyìí. Má gbé kámẹ́rà sí igun tí iyanrìn kò ti ní hàn, nítorí ẹni tó bá wá á kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, sọ fún un lórí fóònù pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kò tíì pé, kí o sì sọ iye ọkọ̀ tó máa gbà nígbà tó bá pé.

Ti dúróònù, kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ àdúgbò bóyá wọ́n gbà kó fò níbẹ̀, kó má sì gba orí àgbàlá àwọn ẹlòmíràn kọjá. Bí wọ́n bá gbà, fún onílé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin rẹ̀, ní ìparí fídíò. Má jẹ́ kó yí ilé po. Kí ó gòkè díẹ̀ kí ọ̀nà ńlá hàn, kí èèyàn lè rí bí ilé ṣe jìnnà sí i tó, ìyẹn nìkan ni fóònù rẹ kò lè yà láti ìsàlẹ̀.

* * *

Aṣojúlé

Ó yé mi. Tẹ̀yìn, àjà kejì, ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la, lọ́sàn-án, pẹ̀lú téèpù. Tí onílé bá rí ògiri yẹn nínú fídíò, mo mọ̀ pé á pè mí. Èmi ni màá bá a sọ ọ́.